Àlàfo Tó Wà Láàárín Aṣọ àti Tábìlì

Ẹni tó bá kọ́kọ́ da aṣọ bo tábìlì nínú Blender kì í pẹ́ rí ohun tí yóò yà á lẹ́nu. Aṣọ á rọra balẹ̀, á ṣẹ́ po létí tábìlì, igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì rọ̀ wálẹ̀ bó ṣe yẹ. Àmọ́ tí oníṣẹ́ náà bá yí àwòrán sí ẹ̀gbẹ́, tó sì wò ó súnmọ́, yóò rí i pé aṣọ kò fara kan pákó rárá. Ó léfòó sókè ni. Àyè tó wà láàárín àwọn méjèèjì gba ìka ọwọ́ méjì.

Kò sí ohun tó bàjẹ́. Ohun tí wọ́n ní kí sọ́fítíwíà náà ṣe ló ṣe. Ẹni tó bá mọ ibi tí àlàfo yẹn ti wá ti mọ púpọ̀ nínú bí aṣọ ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, nítorí irú ohun kan náà ló ń mú kí aṣọ gba inú tábìlì kọjá, kí ó máa gbọ̀n láìdáwọ́ dúró, tàbí kí ó fà gùn bí rọ́bà.

Ọ̀fẹ́ ni Blender. Ton Roosendaal, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló dá a sílẹ̀, láti ọdún 2002 sì ni kóòdù rẹ̀ ti wà ní gbangba fún gbogbo ayé. Ọdún 2008 ni aṣọ wọ inú rẹ̀, nínú ẹ̀dà 2.46. Nígbà náà, ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí David Baraff àti Andrew Witkin ti gbé ìwádìí wọn lórí ìṣirò aṣọ jáde níbi àpérò SIGGRAPH ti ọdún 1998. Ṣáájú wọn, tí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ ṣírò aṣọ tó le díẹ̀, ó sábà máa ń ní láti gé àkókò wẹ́wẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìṣirò á dojú rú, aṣọ á sì fọ́n káàkiri. Àwọn méjèèjì fi hàn pé tí a bá ṣírò ipá níbi tí aṣọ ń lọ, dípò ibi tó wà tẹ́lẹ̀, a lè gbé ìgbésẹ̀ ńlá láìsí ìdàrúdàpọ̀. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni Blender ń lò.

Ohun tí ojú ń rí bí aṣọ nínú rẹ̀ kì í ṣe aṣọ. Kókó ni, tí a to sí ìlà-ìlà bíi kókó ara àwọ̀n apẹja, tí sípíríǹgì tí a kò lè rí sì so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ àwọn tó yí i ká. Sípíríǹgì kan wà tí kì í jẹ́ kí kókó méjì jìnnà síra jù, òmíràn wà tí kì í jẹ́ kí wọ́n súnmọ́ra jù, òmíràn kì í jẹ́ kí ihò àwọ̀n ya sí ẹ̀gbẹ́, èyí tó kẹ́yìn sì ń ta ko kíká. Lójú kọ̀ǹpútà, orúkọ wọn ni `Tension`, `Compression`, `Shear` àti `Bending`. Tí a bá yan aṣọ òwú, `Cotton`, nínú àwọn àpẹẹrẹ tí Blender kó sílẹ̀, iye `Bending` rẹ̀ jẹ́ 0.5. Ti ṣẹ́dà, `Silk`, jẹ́ 0.05, ti awọ, `Leather`, sì jẹ́ 150. Iye kan yìí ló pọ̀ jù lọ nínú ohun tó ń jẹ́ kí ojú mọ ìyàtọ̀ láàárín ṣẹ́dà tó ń ṣàn àti awọ tó ń ṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú tábìlì kan. Ojú rẹ̀ gùn ní mítà 1.2, ó fẹ̀ ní mítà 0.8, pákó rẹ̀ nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 4, òkè rẹ̀ sì wà ní mítà 0.75 sí ilẹ̀. Aṣọ tí a fẹ́ tẹ́ lé e jẹ́ mítà 1.8 sí mítà 1.4, kí sẹ̀ǹtímítà 30 lè rọ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Oníṣẹ́ á mú `Grid` láti inú `Add > Mesh`, á kọ 90 sí `X Subdivisions` àti 70 sí `Y Subdivisions`, lẹ́yìn náà ló máa kọ ìwọ̀n aṣọ sí `Dimensions`. Àwọn iye yẹn kì í ṣe àbá lásán. Mítà 1.8 tí a pín sí ọ̀nà 90 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2, mítà 1.4 tí a pín sí ọ̀nà 70 náà sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2. Gbogbo ihò àwọ̀n wá dọ́gba lóròó àti níbùú, aṣọ kò sì ní le ní apá kan kó rọ̀ ní apá kejì. Kókó rẹ̀ jẹ́ 6,461. Kí ó tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ó gbọ́dọ̀ tẹ `Ctrl+A`, kó yan `Scale`, kí ìwọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lè di ìwọ̀n àwọ̀n náà gan-an. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí, ìwọ̀n kan ni ojú rẹ̀ ń rí, òmíràn ni iye tó wà nínú àwọ̀n, gbogbo ìṣirò tó bá sì gbé lé e lórí á yẹ̀.

Sẹ̀ǹtímítà 2 yìí ni òdiwọ̀n àkọ́kọ́ tó yẹ kí a fi sọ́kàn. Aṣọ kò lè ṣẹ́ níbi tí kò sí kókó, nítorí náà ìṣẹ́po tó bá kéré ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ kò lè hàn lára aṣọ yìí, bó ti wù kí iye `Bending` kéré tó.

Lẹ́yìn èyí, ní abala `Physics`, a óò fún aṣọ ní `Cloth`, a óò sì fún tábìlì ní `Collision`. Tí a bá gbàgbé ti tábìlì, aṣọ á gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, nítorí Blender kì í ka ohunkóhun sí ìdènà àyàfi tí a bá sọ fún un.

Ibí yìí ni àlàfo ti bẹ̀rẹ̀. Iye méjì ló dá a sílẹ̀. Ọ̀kan wà lára aṣọ, nínú `Object Collisions`: `Distance` ni wọ́n ń pè é, Blender sì ti kọ 0.015 sí i, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 1.5. Èkejì wà lára tábìlì: `Thickness Outer`, tí Blender kọ 0.02 sí, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 2. Ẹni tó ń ṣàtúnṣe sábà máa ń rí ọ̀kan nínú wọn, á dín in kù, á sì máa ṣe kàyéfì pé àlàfo ṣì wà. Blender ń ro méjèèjì pọ̀ ni. Ó di sẹ̀ǹtímítà 3.5, àlàfo tí ojú ń rí sì máa ń dín díẹ̀ sí èyí. Fún tábìlì tiwa, 0.005 nínú `Distance` àti 0.005 nínú `Thickness Outer` á mú un wálẹ̀ sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1.

Kí ló dé tí a kò sọ méjèèjì di òdo? Blender kì í wo aṣọ láìdáwọ́ dúró. Ó ń wò ó ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀. Fírémù kan, ìyẹn àwòrán kan ṣoṣo nínú mẹ́rìnlélógún tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ni ó ń pín sí ìgbésẹ̀ márùn-ún, iye tó wà nínú `Quality Steps`. Ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè bóyá aṣọ ti wọ ààlà tí àwọn iye méjì yẹn fà yí tábìlì ká. Tó bá ti wọ̀ ọ́, ó tì í jáde. Tí ààlà náà bá tín-ínrín jù, aṣọ lè wà lókè rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kan, kó sì ti wà nísàlẹ̀ pákó ní ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i níbi tó ti ń kọjá.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ohun tó bá já láti gíga mítà 1 á ti máa sáré tó mítà 4.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tó bá fi máa balẹ̀. Tí a bá pín in sí fírémù 24, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 18 ní fírémù kan. Tí a tún pín in sí ìgbésẹ̀ márùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 4 ní ìgbésẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ìnípọn pákó wa kò ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Àmọ́ ohun tó já láti sẹ̀ǹtímítà 5 péré kò ní sáré ju mítà 1 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì ní rìn tó sẹ̀ǹtímítà 1 ní ìgbésẹ̀ kan. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ tó mọwọ́ kì í fi í ju aṣọ sílẹ̀ láti òkè àjà, bí kò bá jẹ́ pé jíjábọ́ náà gan-an ló fẹ́ kí aráyé rí. Ó ń gbé e lé orí tábìlì bí ìgbà tí obìnrin ilé bá ń tẹ́ ẹ ni. Tó bá sì di dandan kí ó já láti òkè, `Quality Steps` ló máa gbé sókè sí 10 tàbí 15, kì í ṣe `Distance`.

Aṣọ lè balẹ̀ dáadáa, kí igun tábìlì sì tún yọ orí láàárín rẹ̀. Igun mímú kan ṣoṣo ló ń gbé gbogbo ìwọ̀n apá aṣọ tó rọ̀ níbẹ̀, orí ihò àwọ̀n kan náà ló sì ń gbé e lé. Ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni ojútùú rẹ̀ wà: kí a yan etí tábìlì, kí a tẹ `Ctrl+B`, kí a sì gé e roboto pẹ̀lú nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1. Kò sí tábìlì gidi tí etí rẹ̀ mú bí abẹ, nítorí náà àwòrán náà á tún dára sí i.

Tí aṣọ bá ń wọ inú pákó dípò kó dúró lórí rẹ̀, tó dà bíi pé ohun kan ń fà á wọlé, kí a wo ìhà tí ojú tábìlì kọ sí. Blender ń ti aṣọ sí ìhà tí ojú náà kọ sí. Nínú àpótí `Overlays`, `Face Orientation` á kun ojú inú ní pupa. Tábìlì tó bá pupa ti yí inú síta. Kí a wọ `Edit Mode`, kí a tẹ `A`, kí a tẹ `Shift+N`, ó parí.

Ó ku ti aṣọ sí ara rẹ̀. Níbi igun tábìlì, apá aṣọ méjì á pàdé, wọ́n á sì ṣẹ́ lé ara wọn. Bí a kò bá tan `Self Collisions`, ọ̀kan á gba inú èkejì kọjá. Tí a bá tàn án, Blender á tún kọ 0.015 sí `Distance` tirẹ̀. Lára aṣọ wa, kókó kan jìnnà sí èkejì ní sẹ̀ǹtímítà 2, nítorí náà sẹ̀ǹtímítà 1.5 kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tí oníṣẹ́ bá fẹ́ kí aṣọ náà dán sí i, tó sì sọ àyè kókó di sẹ̀ǹtímítà 1 láìfọwọ́ kan `Distance`, wàhálà dé. Àwọn apá aṣọ tí wọ́n jọ wà ní àdúgbò kan ti súnmọ́ra ju bí òfin ṣe gbà lọ, kí aṣọ tó mira rárá. Blender á máa tì wọ́n kúrò lára ara wọn, sípíríǹgì á máa fà wọ́n padà. Àmì rẹ̀ ni pé aṣọ kò ní sinmi: ó ń gbọ̀n, ó ń wú, nígbà mìíràn á sì fò sókè kúrò lórí tábìlì. Ohun tó tọ́ ni kí `Distance` ti `Self Collisions` máa kéré sí àyè tó wà láàárín kókó nígbà gbogbo. Fún kókó tó jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà 1, 0.005 ti tó.

Wàyí o, ká ní àwo òdòdó kan wà láàárín tábìlì, ìwúwo rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí aṣọ yẹ̀ níbẹ̀. Kàkà kí a máa ṣírò ìwúwo àwo, a lè kan àwọn kókó tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. A óò kó wọn jọ sínú `Vertex Groups`, a óò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iye 1, a óò sì dárúkọ ẹgbẹ́ náà nínú `Pin Group`, tó wà ní abala `Shape` ti `Cloth`. A lè fi ọwọ́ yan àwọn kókó náà nínú `Edit Mode`. Tí a bá sì fẹ́ kí ó péye, kóòdù kúkúrú yìí, tí a ṣe nígbà tí aṣọ wà ní `Object Mode`, á mú kókó 81 tó wà ní àárín gbùngbùn, mẹ́sàn-án lóròó, mẹ́sàn-án níbùú:

```python
import bpy
a = bpy.context.object
g = a.vertex_groups.new(name="Pin")
k = [v.index for v in a.data.vertices
     if abs(v.co.x) < 0.09 and abs(v.co.y) < 0.09]
g.add(k, 1.0, 'REPLACE')
a.modifiers["Cloth"].settings.vertex_group_mass = "Pin"
```

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni pé kókó tí a kàn kì í já bọ́. Kò sọ̀kalẹ̀ dé orí tábìlì kó tó dúró. Ibi tó wà ní fírémù àkọ́kọ́ ni yóò wà títí. Tí aṣọ bá bẹ̀rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí ojú pákó, àárín rẹ̀ á dúró lókè, ìyókù á sì rọ̀ yí i ká bí àgọ́. Tí oníṣẹ́ bá sọ̀ ọ́ sí sẹ̀ǹtímítà 1, ṣùgbọ́n tó fi àlàfo ti Blender sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3.5, òdìkejì rẹ̀ ló máa rí: tábìlì á ti àwọn kókó tí a kò kàn sókè, àwọn tí a kàn kò ní gbéra, àárín aṣọ á sì rì bí ìsàlẹ̀ abọ́. Àgọ́ àti abọ́ ni àmì méjèèjì, ohun kan náà ni wọ́n sì ń sọ, pé gíga àwọn kókó tí a kàn kò bá àlàfo mu. Nínú tábìlì wa, òkè pákó wà ní mítà 0.75, àlàfo jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1, nítorí náà mítà 0.76 ni aṣọ gbọ́dọ̀ wà kó tó bẹ̀rẹ̀.

Iye tó bá wà láàárín òdo àti 1 kì í kan kókó pátápátá. Sípíríǹgì kan ni yóò máa fà á padà sí àyè rẹ̀. Tí a bá fún ìlà kókó méjì tàbí mẹ́ta tó yí àárín ká ní 0.6 àti 0.3, aṣọ kò ní fi ààlà onígun mẹ́rin hàn níbi tí kíkàn ti parí.

Kíkàn tún wúlò fún fífà. Ká ní ọmọdé kan fẹ́ fa igun aṣọ náà. A óò fi kókó díẹ̀ ní igun yẹn kún `Pin Group`, a óò tẹ `Ctrl+H` láti so wọ́n mọ́ ohun òfìfo kan, ìyẹn `Empty`, a óò sì mú kí ohun òfìfo náà rìn láti fírémù 60 dé 90. Nínú àkójọ `Modifiers`, `Hook` gbọ́dọ̀ wà lókè `Cloth`. Tó bá wà nísàlẹ̀, `Cloth` á ti parí ìṣirò rẹ̀ kí ìròyìn pé igun ti rìn tó dé etí rẹ̀, igun nìkan á nà bí ẹ̀gún, ìyókù aṣọ kò sì ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé aṣọ náà kò fà gùn? Ìwọ̀n á sọ fún wa. Sẹ̀ǹtímítà 30 ló yẹ kó rọ̀ láàárín ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Igun aṣọ jìnnà sí igun tábìlì ní sẹ̀ǹtímítà 30 lóròó àti 30 níbùú, tó jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 42 ní ìdábùú, nítorí náà igun náà kò gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 42 lọ sísàlẹ̀ ojú tábìlì. Tó bá dé 50, aṣọ ti di rọ́bà.

Ohun tó ń fà á ni `Vertex Mass`. Iye rẹ̀ jẹ́ kílógíráàmù 0.3, kì í sì í ṣe ti gbogbo aṣọ, ti kókó kọ̀ọ̀kan ni. Kókó 6,461 ní 0.3 jẹ́ kílógíráàmù 1,938, aṣọ tábìlì tó wúwo ju ọ̀pọ̀ mọ́tò lọ! Aṣọ òwú gidi tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 200 ní mítà kan níbùú lóròó, kò ju nǹkan bíi ìdajì kílógíráàmù lọ. Kò sí ewu nínú rẹ̀, nítorí agbára sípíríǹgì náà kò bá ti ayé gidi mu, ìbáṣepọ̀ àwọn méjèèjì ló ṣe pàtàkì. Àmọ́ ó ṣàlàyé ohun kan. Nínú sẹ̀ǹtímítà 30 tó rọ̀, sípíríǹgì tó wà létí tábìlì ń gbé kókó 15. Tí a bá sọ àyè kókó di sẹ̀ǹtímítà 1, ọgbọ̀n ni yóò máa gbé, pẹ̀lú agbára kan náà. Ẹni tó bá sọ kókó di púpọ̀ ní láti dín `Vertex Mass` kù sí 0.15 tàbí kí ó gbé `Tension` láti 15 sí 30, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, aṣọ tó ṣe dáadáa lánàá á fà gùn lónìí.

Gbogbo àyípadà wọ̀nyí, fírémù àkọ́kọ́ ni kí a ti máa wò wọ́n. Blender ń tọ́jú ohun tó ti ṣírò, fírémù kan sì ń gbé lé èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá fò láti fírémù 1 sí 80 láìjẹ́ kí àwọn tó wà láàárín kọjá kò ní rí aṣọ tó tọ́. Nígbà tí ohun gbogbo bá ti bọ́ sípò, `Bake`, tó wà ní abala `Cache`, á kọ gbogbo ìṣirò sílẹ̀. Tí a bá tún fẹ́ yí iye kan padà, a óò kọ́kọ́ pa á rẹ́ pẹ̀lú `Delete Bake`.

Ẹ̀yìn èyí ni ẹwà. `Subdivision Surface` tí a gbé sísàlẹ̀ `Cloth` á pín ihò àwọ̀n kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin fún ojú nìkan, ihò 6,300 á di 25,200, ìṣirò aṣọ kò sì ní pẹ́ jù bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. `Solidify`, pẹ̀lú 0.002, á fún un ní ìnípọn mílímítà 2. Àmọ́ bí `Subdivision Surface` ṣe ń dán aṣọ ni ó ń gé ṣóńṣó ìṣẹ́po, létí tábìlì sì rèé, ìhà pákó ni ó ń gé e sí. Aṣọ tó ti súnmọ́ tábìlì ní mílímítà 1 kí wọ́n tó dán an lè jẹ́ kí etí pákó yọ níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Àlàfo sẹ̀ǹtímítà 1 tí a fi sílẹ̀ ni àyè tí dídán yìí ń jẹ nínú rẹ̀. Ní ìwọ̀n mítà díẹ̀ sí ojú ẹni tó ń wò ó, kò sì hàn, nítorí apá aṣọ tó rọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ti bò ó.